Iṣẹ́ Òru Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Yẹra, Tó sì Sọ Ìdí Rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tó ní àkáǹtì ní báńkì ti rí irú ìkéde yìí lórí fóònù rẹ̀: báńkì fẹ́ tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe láti òru Sátidé títí di ìdájí ọjọ́ Àìkú, ẹ má bínú, ẹ ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí àkókò náà tó tó. Àwọn ẹnjiníà ń mú wákàtí tí èrò kò pọ̀, wọ́n á dá a sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, wọ́n á sì kéde rẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Èyí dára. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ náà lóru tí wọn kì í ka ìkéde. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ ni mò ń sọ: èyí tó ń da àkọsílẹ̀ kọ, èyí tó ń ṣírò èlé, èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, èyí tó ń pa fáìlì àtijọ́ rẹ́. Aago ló ń pè wọ́n. Bí aago bá ti lù, wọ́n á dìde, wọn kò mọ̀ bóyá ẹnìkan ti tú ẹ̀rọ palẹ̀ níwájú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe lè kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti bojú wò kó tó bẹ̀rẹ̀, kó yẹra bí àtúnṣe bá ń lọ, kó sì sọ ìdí tó fi yẹra fún ẹni tó ń bójú tó o. Apá tó kẹ́yìn yìí, sísọ ìdí, ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù.

Òru kan ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bí àpẹẹrẹ. Wọ́n ní sáfà kan tí àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀, inú àká dátà tí a ń pè ní PostgreSQL ni wọ́n kó o sí. Ní aago 2 òru lójoojúmọ́, `cron`, ìyẹn aago inú ẹ̀rọ Linux tó ń pe iṣẹ́, á pe ìwé àṣẹ kan. Ìwé àṣẹ yìí á lo `pg_dump` láti da gbogbo àkọsílẹ̀ náà kọ sórí dísìkì mìíràn. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ló ń gbà. Bí sáfà bá bàjẹ́ lọ́la, ẹ̀dà yìí ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, ẹnjiníà fẹ́ gbé àká dátà lọ sórí dísìkì tuntun ní ọjọ́ Àìkú, láti aago 1 òru sí aago 4. Ó ti sọ fún alága, ó ti sọ fún akápò, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún iṣẹ́ aago 2.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀? PostgreSQL ti wà ní pípa nígbà tí aago 2 bá lù. `pg_dump` á kan ilẹ̀kùn, kò ní rí ẹni tó dá a lóhùn, á sì kùnà. Aláàmù á dún lórí fóònù ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bóyá ẹnjiníà yẹn kan náà tó ń gbé dísìkì lọ́wọ́. Èyí ṣì jẹ́ wàhálà kékeré. Ewu ńlá wà nínú bí wọ́n ṣe kọ ìwé àṣẹ náà. Bí àṣẹ náà bá rí báyìí:

```
pg_dump egbe > /eda/titun.sql
```

àmì `>` yẹn á kọ́kọ́ nu fáìlì náà mọ́ kí `pg_dump` tó ṣe ohunkóhun. Nígbà tí `pg_dump` bá wá kùnà, ẹ̀dà òní kò sí, ẹ̀dà àná náà ti lọ. Òru tí àtúnṣe ń lọ, tí ewu pọ̀ jù, ni ẹgbẹ́ náà kò ní ẹ̀dà kankan. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí iṣẹ́ náà kọ ẹ̀dà sínú fáìlì mìíràn, kó sì yí orúkọ rẹ̀ padà nígbà tó bá parí dáadáa nìkan.

Ọ̀nà méjì tó yá, tó sì burú

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí ìwé `cron`, wọ́n á fi àmì `#` síwájú ìlà iṣẹ́ náà kí aago má baà pè é mọ́. Ó rọrùn, ìṣẹ́jú kan kò tó o. Àmọ́ ẹni tó fi àmì náà sí ní aago 12 òru ni ó gbọ́dọ̀ rántí láti yọ ọ́ ní aago 4, nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, tó ń ronú nípa dísìkì. Bí ó bá gbàgbé, kò sí ohun tó máa rán an létí. Iṣẹ́ tí aago kò pè kò lè kùnà, aláàmù tó ń dúró de ìkùnà kò sì ní dún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé kò sí ẹ̀dà mọ́.

Ọ̀nà kejì dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n òun náà ní ìjàǹbá. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé bí PostgreSQL kò bá dáhùn, kí iṣẹ́ náà dákẹ́, kó sì parí bí ẹni pé ohun gbogbo lọ déédéé. Nínú Linux, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi nọ́ńbà kan sílẹ̀ nígbà tó bá parí: 0 túmọ̀ sí pé ó yọrí, nọ́ńbà mìíràn túmọ̀ sí pé kò yọrí. Iṣẹ́ tó fò tó sì fi 0 sílẹ̀ ti parọ́ fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí PostgreSQL bá kú nítòótọ́, láìsí àtúnṣe kankan, iṣẹ́ yẹn á tún fi 0 sílẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì sùn.

Ohun tí ìdákẹ́jẹ́ lè fà hàn gbangba ní ọjọ́ 31 oṣù January 2017, ní ilé iṣẹ́ GitLab, níbi tí àwọn tó ń kọ sọ́fúwíà ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí. Ẹnjiníà kan níbẹ̀ ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lórí sáfà gidi dípò sáfà kejì tó fẹ́ nù mọ́. Nígbà tí wọ́n wá ẹ̀dà tí `pg_dump` yẹ kó ti máa ṣe, wọn kò rí nǹkan kan. Irú 9.2 ti `pg_dump` ni iṣẹ́ náà ń lò fún àká dátà tó jẹ́ 9.6, nítorí náà ó ti ń kùnà. Lẹ́tà tí `cron` ń fi ránṣẹ́ láti sọ pé ó kùnà kò dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà kọ̀ wọ́n pé wọn kò ní àmì ìdánimọ̀ tó yẹ. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló gbà wọ́n là, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà yẹn sì sọnù. GitLab fúnra wọn ló kọ ìtàn náà jáde fún gbogbo ayé. Àtúnṣe kọ́ ló dá ìdákẹ́jẹ́ tiwọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a dá dúró tí a sì gbàgbé ń dákẹ́ bákan náà.

Bébà lẹ́nu ilẹ̀kùn

Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó tì í pa láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn aládùúgbò á máa ṣe kàyéfì bóyá àìsàn ni. Bí ó bá lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn pé òun lọ síbi ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú, ọjọ́ Ajé lòun ń bọ̀, ọkàn gbogbo wọn á balẹ̀. Bí ọjọ́ Ajé bá sì kọjá tí wọn kò rí i, wọ́n á mọ̀ pé ó tó àkókò láti pè é. Ìdí àti ìgbà ìpadàbọ̀ ni bébà náà sọ, ohun méjèèjì sì ni iṣẹ́ òru wa nílò.

Nítorí náà, ẹnjiníà á kọ fáìlì kékeré kan kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní `/etc/itoju/akoko`:

```
BERE="2025-03-16 01:00 +0100"
PARI="2025-03-16 04:00 +0100"
IDI="À ń gbé àká dátà lọ sórí dísìkì tuntun"
```

Nínú ìlà mẹ́ta yìí, `PARI` ló ṣe iyebíye jù. Nítorí rẹ̀, bí ẹnjiníà bá gbàgbé láti pa fáìlì náà rẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Tí aago 4 bá ti kọjá, fáìlì náà kò lágbára mọ́. Ìgbàgbé ẹnì kan kò lè dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́.

Ẹ kíyè sí `+0100` tó wà lẹ́yìn aago. Nàìjíríà àti Benin fi wákàtí kan ṣáájú UTC, ìyẹn aago àgbáyé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Togo wà lórí UTC gan-an. Àwọn ará Britain sì ń sún aago wọn síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á tún dá a padà. Ọ̀pọ̀ sáfà ni a sì fi sórí UTC, níbikíbi yòówù kí wọ́n wà. Bí ẹnìkan bá kọ «aago 1» lásán, ẹni tó wà ní Lomé àti ẹni tó wà ní Ìbàdàn á ka á sí wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sáfà náà á sì ka tirẹ̀. Nọ́ńbà kékeré yẹn ló ń parí àríyànjiyàn.

Ibi tí a fi fáìlì náà sí pẹ̀lú ní ìdí. Àwọn kan fẹ́ràn láti fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sínú `/run`, ṣùgbọ́n `/run` máa ń ṣófo nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá kú tó sì tún dìde. Àtúnṣe ni ìgbà tí a máa ń pa ẹ̀rọ tí a sì ń tan án jù. Ẹnjiníà á tan sáfà padà ní aago 1:50, àmì á ti pòórá, iṣẹ́ aago 2 á sì wọlé sáàárín iṣẹ́ tí kò tíì parí. Inú `/etc` kì í ṣófo.

Kí iṣẹ́ náà tó fẹsẹ̀ kan wọlé

Ní orí ìwé àṣẹ náà, kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a ó fi àyẹ̀wò yìí sí:

```
AKOKO=/etc/itoju/akoko
GIGUN=3000
if [ -e "$AKOKO" ]; then
  . "$AKOKO" || exit 1
  nisin=$(date +%s)
  bere=$(date -d "$BERE" +%s) || exit 1
  pari=$(date -d "$PARI" +%s) || exit 1
  if (( nisin + GIGUN > bere && nisin < pari )); then
    echo "FÒ: ẹ̀dà òru. Ìdí: $IDI. Títí di: $PARI"
    exit 75
  fi
fi
```

Ohun tó ń sọ kò le. Bí fáìlì bá wà, kà á. Sọ àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí di ìṣẹ́jú-àáyá kí o lè fi wọ́n wé àkókò tí a wà. Bí a bá wà nínú àkókò àtúnṣe, tàbí bí iṣẹ́ yìí kò bá ní lè parí kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀, sọ ìdí, kí o sì yẹra.

`GIGUN` ló ń dáàbò bo ẹnu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú-àáyá 3000 jẹ́ 50 ìṣẹ́jú: ogójì tí iṣẹ́ náà ń gbà, pẹ̀lú mẹ́wàá fún àlàfo. Ká ní aago 2:30 ni àtúnṣe máa bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ aago 2 á rí i pé òun kò lè ṣe tán kí ìgbà yẹn tó tó, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ rárá. Láìsí ìlà yìí, á bẹ̀rẹ̀ ní 2:00, ẹnjiníà á pa PostgreSQL ní 2:30, ẹ̀dà náà á sì gé sí méjì. Àkọsílẹ̀ ń pọ̀ sí i lóṣooṣù, nítorí náà kí ẹ máa wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń pẹ́ tó, kí ẹ sì tún `GIGUN` ṣe bí ó bá ti ń sún mọ́ ọn.

Bí ẹnìkan bá kọ ọjọ́ sínú fáìlì náà ní ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kò lè kà, iṣẹ́ náà á parí pẹ̀lú 1, ìyẹn ìkùnà, aláàmù á sì dún. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣiyèméjì kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sábẹ́ àtúnṣe.

Nọ́ńbà 75 kì í ṣe èyí tí mo hùmọ̀. Ó wà láti ayé àtijọ́ nínú ẹ̀rọ Unix, orúkọ rẹ̀ ni `EX_TEMPFAIL`, àwọn ẹ̀rọ tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sì ń lò ó láti sọ pé kò ṣeé ṣe nísinsìnyí, ẹ tún gbìyànjú láìpẹ́. `cron` fúnra rẹ̀ kì í ka nọ́ńbà yìí sí. Ẹni tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ló ń lò ó láti ya fífò sọ́tọ̀ kúrò lára ìkùnà àti àṣeyọrí. Àwọn tó ń fi `systemd` pe iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ fi `SuccessExitStatus=75` sínú ìlànà iṣẹ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, `systemd` á kà á sí ìkùnà.

Fífò kì í ṣe ṣíṣe

Iṣẹ́ tó yẹra ní aago 2 ṣì jẹ gbèsè. Bí a bá fi sílẹ̀ fún `cron`, aago 2 òru ọjọ́ Ajé ló tún máa pè é, ẹgbẹ́ náà á sì lo ọjọ́ méjì láìní ẹ̀dà tuntun, nígbà tí àkọsílẹ̀ wọn ti bọ́ sórí dísìkì tí wọn kò tíì mọ ìwà rẹ̀. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí aago máa pè é ní ìgbà márùn-ún lóru:

```
0 1-5 * * * /usr/local/bin/eda-oru
```

UTC ni sáfà yìí ń lò, nítorí náà 1 sí 5 níbẹ̀ jẹ́ aago 2 sí 6 ní Nàìjíríà. Bí ẹ̀dà ọjọ́ náà bá ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ náà á rí i, á sì padà láìṣe nǹkan kan. Lóru àtúnṣe wa, á yẹra ní aago 2 àti aago 3, á bẹ̀rẹ̀ ní aago 4, á sì parí ní 4:40. Bí àtúnṣe bá pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ, tí ẹnjiníà sún `PARI` sí 5:30, iṣẹ́ náà á yẹra ní 4 àti 5, á sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní 6.

Ẹni tó ń ṣọ́ iṣẹ́ wá ńkọ́? Ìbéèrè tí ẹ̀rọ ìṣọ́ gbọ́dọ̀ máa béèrè ni pé: ìgbà wo ni ẹ̀dà tó pé gbẹ̀yìn parí? Fífò kò gbọdọ̀ sọ aago yẹn di tuntun. Ẹ̀dà Sátidé parí ní 2:40 òru. A ó ní kí aláàmù dún bí wákàtí 30 bá kọjá láìsí òmíràn. Bí àtúnṣe bá parí lásìkò, ẹ̀dà tuntun á dé lẹ́yìn wákàtí 26. Bí ó bá pẹ́ dé 5:30, á dé lẹ́yìn wákàtí 28. Aláàmù kò ní dún nínú méjèèjì, oorun ẹnikẹ́ni kò sì ní dà rú. Àmọ́ bí àtúnṣe bá kọjá aago 6, tàbí bí ẹnìkan bá ṣèèṣì kọ ọdún tó ń bọ̀ sínú `PARI`, aláàmù á dún ní 8:40 àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá ṣí àkọsílẹ̀ á rí ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ náà sọ nígbà tó fò, á rí ọdún tó ṣì lẹ́nu, á sì mọ ohun tó máa tún ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń san gbèsè bákan náà

Ẹ̀dà ìpamọ́ rọrùn, nítorí ẹ̀dà kan tó bá dé ti san gbèsè gbogbo èyí tó fò. Iṣẹ́ tó ń ṣírò èlé oṣù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fò ní òru 31 oṣù March, tó sì wá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù April, ọjọ́ tó yẹ kó ti ṣiṣẹ́ ni kó lò, kó má ṣe béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà pé ọjọ́ wo la wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á wọ inú oṣù tí kì í ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ tó ń rán àwọn ènìyàn létí pé ìpàdé wà ní aago 9 àárọ̀ òní tún yàtọ̀: bí aago 9 bá ti kọjá, kó gbàgbé ẹ pátápátá, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò fi í ránṣẹ́ àti ìdí rẹ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ pinnu èyí kí òru àtúnṣe tó dé, nítorí kò sí ẹni tó ń ronú dáadáa ní aago 3.

Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò ní ọ̀sán. Ẹ kọ àkókò àtúnṣe oníṣẹ́jú mẹ́wàá sínú fáìlì náà, ẹ fọwọ́ pe iṣẹ́ náà, kí ẹ sì tẹ `echo $?` lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdí gbọ́dọ̀ jáde, 75 gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, fáìlì ẹ̀dà àná sì gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà. Ẹ dúró kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà kọjá, ẹ má pa fáìlì àkókò rẹ́, ẹ tún pe iṣẹ́ náà. Bí ẹ̀dà ọjọ́ yẹn bá ti wà nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e sápá kan kó má baà rò pé òun ti ṣe tán. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ dé òpin. Ẹ gbìyànjú ẹ̀kẹta pẹ̀lú ọjọ́ tí a kọ gbágungbàgun, kí ẹ rí i pé ó kùnà tí aláàmù sì dún. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀sán ni ẹ ti mọ̀, pẹ̀lú àká dátà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí dísìkì àtijọ́ rẹ̀.